Ṣé Mo Lè Bẹ̀rẹ̀ Láì Kí Ará Ilé?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, Ìṣẹ́yìn ni mo ń gbé, nílé àwọn ahunṣọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Ṣakí la jọ ń ṣe ètò aláàlàyé kan sórí YouTube, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ kan a lè sọ̀rọ̀ nípa adágún omi tó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè, lọ́sẹ̀ kejì a lè sọ bí iṣu ṣe ń ti Òkè-Ògùn dé ọjà Ìbàdàn.

Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn ènìyàn kì í dúró. Nígbà tí mo wo YouTube Studio, ó ju ìdajì àwọn tó ṣí fídíò wa lọ tó ti bá tiwọn lọ kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí á máa ṣe kóòlù-ópìn. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí íńtírò tí a ní, ó ní nǹkan kan náà ni. Ẹlòmíràn tún ní tísà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé a fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ètò láì kí ènìyàn, wọ́n ní ìwà wo nìyẹn, pé ta ló kọ́ wa nílé.

Ètò tó kàn dá lórí ìdí tí aṣọ òfì fi ń tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Mo fi fídíò tí a ti tò ránṣẹ́ sí yín. Àmì ìkànnì wa ló ṣáájú, ó ń yí po pẹ̀lú ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 18. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá sọ pé: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi. Ẹ káàbọ̀ sórí ìkànnì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Lónìí a fẹ́ ṣàlàyé nípa aṣọ òfì, aṣọ tó gbajúmọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.” Ẹ bá wa tún un ṣe.

*Ọmọ Ahunṣọ, Ìṣẹ́yìn*

Ìdáhùn

Àbúrò mi, mo kí ọ o, bá mi kí bàbá. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú keje, níbi tí o ti gbé òfì obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì ọkùnrin, mo dìde jókòó dáadáa. Àmọ́ ẹni tó yẹ kó rí ìṣẹ́jú keje yẹn ti jáde nígbà tí àmì yín ṣì ń yí po.

Ọ̀rẹ́ rẹ gbà ọ́ nímọ̀ràn tó dáa, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń sọ. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Íńtírò ni ìlù tí a fi ń dá ilé mọ̀: bí ilé iṣẹ́ rédíò ṣe máa ń lu ìlù kan náà kó tó ka ìròyìn, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì á mọ ilé iṣẹ́ tó ń gbọ́. Tísà (kì í ṣe tíṣà tó ń mú ẹgba o) ni ìpolówó ọjà. Obìnrin tó gbé igbá káàkiri àdúgbò ń sọ ohun tó wà nínú igbá fún ẹni tí kò tíì jáde sí i. Kóòlù-ópìn ní tirẹ̀ ni àlọ́ àpamọ̀. O jù ú sílẹ̀ lójijì, ọ̀rọ̀ náà rú àwọn tó ń gbọ́ lójú, wọn kò sì lè lọ títí wọn ó fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, gé e kúrò níwájú ètò òní, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fura, íńtírò ni. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ káàbọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì” bá ètò iṣu mu, ó bá ètò adágún mu. Kódà “lónìí a fẹ́ ṣàlàyé nípa” kò jẹ́ ti ètò yìí, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ni pé íńtírò méjì ló tẹ̀lé ara wọn nínú fídíò rẹ, ọ̀kan pẹ̀lú ìlù, ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu. Kóòlù-ópìn gidi kò ṣeé lẹ̀ mọ́ ètò mìíràn. Bí o bá sì gé e sọnù, ètò tirẹ̀ gan-an á di aláìlẹ́sẹ̀ kan, nítorí pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àlàyé náà ti wà nínú rẹ̀.

Ibo la ti rí àṣà kíkí ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko? Mo rò pé ọ̀dọ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì àti tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìkànnì mìíràn wo ni ènìyàn fẹ́ yí sí? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè kí ìyá, kí bàbá, kí ará oko, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Bó ṣe rí nídìí àlọ́ náà nìyẹn. Kí bàbá àgbà tó ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ ti jókòó, wọ́n ti jẹun, òṣùpá ti yọ. Ẹni tó ti jókòó ni wọ́n ń kí. Ẹni tó ń wo fídíò rẹ kò tíì jókòó, ó kàn ń yọjú lójú fèrèsé ni, fèrèsé mìíràn sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

Bàbá rẹ kò jẹ̀bi o. Ọmọ Yorùbá kì í wọlé láì kíni, èmi náà kò sì ní kí o má kíni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá sáré wọlé nítorí pé ó rí iná lórí àká, “Iná!” ló máa kọ́kọ́ ké, bàbá kò sì ní bi í pé ìkíni dà. Ìkíni á wá lẹ́yìn. Nínú ètò rẹ náà, lẹ́yìn íńtírò ni kí ìkíni wà, ní èémí kan ṣoṣo. Nígbà yẹn, ẹni tí ò ń kí ti jókòó.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ariwo ni kóòlù-ópìn: ibi tó gbóná jù nínú fídíò, gé e, gbé e síwájú. Fíìmù Jéémísì Bọ́ǹdì ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó jáde ní 1963, ni àkọ́kọ́ nínú àwọn fíìmù Bọ́ǹdì tó ní ìran kan kí àkọlé tó jáde. Nínú ọgbà kan lálẹ́, ọkùnrin kan ń lépa Bọ́ǹdì, ó bá a, ó sì fi wáyà fún un lọ́rùn pa. Iná ọgbà tàn. Wọ́n bọ́ ìbòjú lójú òkú, a rí i pé kì í ṣe Bọ́ǹdì, ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. Ìran náà dẹ́rù bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n wo ohun tó fi sí wa lọ́wọ́: a ti mọ apànìyàn náà lójú, a mọ ẹni tó ń wá, Bọ́ǹdì fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá yọ nínú fíìmù náà, ohun tí a rí nínú ọgbà ló ń ṣiṣẹ́ lórí wa. Tí wọ́n bá yọ ìran yẹn kúrò, ẹ̀rù á dín.

Èmi fúnra mi ti ṣubú níbẹ̀ rí. Mo ṣe ètò kan lórí bí àwọn obìnrin apá Ṣakí ṣe ń ṣe òrí láti ara èso igi emi. Ibi tó wù mí jù ni ìgbà tí ìyá kan ń fi ọwọ́ po ohun tí wọ́n lọ, tó pupa rúsúrúsú bí ẹrẹ̀, tó ń bu omi sí i, tó ń pò ó títí ó fi yí padà di funfun lójú wa. Mo gé ibẹ̀, mo gbé e síwájú: ẹrẹ̀, omi, ọwọ́, funfun. Ó dùn ún wò. Ó sì pa ètò náà, nítorí pé ẹni tó rí funfun ti rí ìdáhùn. Kí ló tún kù tó ń dúró dè? Bó bá jẹ́ pé nígbà tó ṣì pupa, tí ìyá náà sọ pé apá ń ro òun, ni mo ti gé e, ètò náà ì bá ní ẹsẹ̀ tó ń rìn lé. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé kí ọ̀nà tó yí sí ìdáhùn ni a ti ń gé e, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí tìrẹ. Kọ ara ètò tán kí o tó kọ kóòlù-ópìn. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí ẹnu ti ya ìwọ fúnra rẹ nígbà tí ò ń ya àwòrán, nítorí pé ọmọ ahunṣọ ni ọ́, ohun tó bá sì ya ìwọ lẹ́nu á ya àlejò lẹ́nu. Mo rí ibi méjì nínú fídíò rẹ. Ọ̀kan ni ìṣẹ́jú keje tí mo wí. Èkejì wà ní ìṣẹ́jú kẹrin, bóyá o kò tilẹ̀ kà á sí: òkúta tó wà lórí pákó, tí wọ́n so òwú gbọọrọ náà mọ́ kí ó lè máa fà á le. Ojoojúmọ́ lò ń rí i, ìdí nìyẹn tí o fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí i rí. Òkúta ńlá wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì ń sún bọ̀ wá bá ọkùnrin tó jókòó jìnnà sí i. Kí ni àwòrán àkọ́kọ́ bí kò ṣe ìyẹn?

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 35 lọ nígbà tí mo fi aago fóònù kà á jáde.

*Ilẹ̀ nìkan là ń rí, àti òkúta lórí pákó. Kò sí ìlù, kò sí orin. Ohùn òfì nìkan ló ń dún láti ọ̀ọ́kán. Òkúta sún díẹ̀, ó dúró.*

“Láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́hùn-ún ni òkúta yìí wà. Ẹnikẹ́ni kò gbé e.”

*Ó tún sún. A tẹ̀lé òwú náà, a tẹ̀lé e títí, a kan ọwọ́ ahunṣọ.*

“Bó bá ṣe ń sún mọ́ ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń pọ̀ sí i níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ ọ̀hún.”

*Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ náà. Ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.*

“Gbogbo òwú tó gùn tó báyìí, aṣọ tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ. Nínú agboolé yìí kan náà, òfì ìyá àgbà wà lára ògiri, èyí tó wà lórí rẹ̀ sì fẹ̀ ju èyí lọ dáadáa.”

*A rí òfì ìnàró náà fún ìgbà díẹ̀. Ojú fídíò di dúdú. Íńtírò wọlé.*

Ṣé o rí i pé mi ò béèrè ìbéèrè kankan? Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, mo fi “kí ló dé?” parí rẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Bí àwòrán méjì bá ta ko ara wọn, ẹni tó ń wò á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà, ìbéèrè tí ènìyàn bá sì fúnra rẹ̀ bi ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó lọ. Tún ṣàkíyèsí pé n kò pe orúkọ sányán, àlàárì tàbí ẹtù. Nínú fídíò tìrẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ibi tó yẹ wọ́n ṣì ń bọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kóòlù-ópìn lè gbé, tí o bá di ẹrù mìíràn lé e, ọrùn rẹ̀ á wọ́.

Lẹ́yìn náà ni íńtírò. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 18 yẹn, fi mẹ́rin sílẹ̀: orúkọ ìkànnì, ìlù, ó tán. Mo mọ̀ pé ẹ náwó sí i. Ẹ tọ́jú èyí tó gùn fún ọdún mìíràn. Lẹ́yìn íńtírò ni ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti máa ń já okùn: wọ́n ti ta ènìyàn lólobó, wọ́n wá padà lọ sí “aṣọ òfì jẹ́ aṣọ tó gbajúmọ̀”, bí ẹni pé òkúta yẹn kò sún rí. Ìwọ sọ pé: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí òkúta yẹn ń ṣe.” Bàbá ti gba ìkíni wọn, okùn kò sì já.

Ohun tí kóòlù-ópìn bá dá sílẹ̀, ara ètò gbọ́dọ̀ san án. O ti san án ní ìṣẹ́jú keje, níbi tí o ti fi hàn pé ọwọ́ ni ahunṣọ fi ń ju ọ̀kọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ọwọ́ kan ju, èkejì gbà, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ọ̀kọ̀ ti ń yá jù. Bó bá fẹ́ aṣọ tó fẹ̀, abẹ́rẹ́ ló máa fún un: ìlà aṣọ tó fẹ̀ tó ínṣì 4 sí 6 la rán pọ̀ mọ́ ara wọn tó fi di agbádá. Ó dára, ṣùgbọ́n gbé apá kan rẹ̀ wá sí ìṣẹ́jú kẹta. Gbèsè tó pẹ́ jù máa ń lé oníbàárà lọ. Nígbà tí o bá sì padà dé ọ̀dọ̀ òkúta, má tún lo àwòrán kan náà. Ya á láti ibòmíràn, bóyá nígbà tó ti dé iwájú ahunṣọ tán, kí ẹni tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti rìn jìnnà.

Tísà wá ńkọ́? Ìyẹn kò sí nínú fídíò rárá. Orí ìtàkùn Wásáàpù ló ń gbé, kí ètò tó jáde, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Ojú àwọn tí kò tíì wá ni ò ń wò, nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ àti àkókò, èyí tí kóòlù-ópìn kò gbọdọ̀ sọ láé. Má fi òkúta síbẹ̀ o! Ẹni tó bá ti rí òkúta lọ́jọ́bọ̀ á rò pé òun ti wo ètò náà nígbà tó bá ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì. Lo nǹkan mìíràn, bí ìgbà tí télọ̀ tẹ́ àwọn ìlà aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: “Ìlà mélòó ló wà nínú agbádá kan? Ìdí tí wọn kò fi hun ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ Ẹtì, aago méje alẹ́.” Àwọn kan tún máa ń ki àwòrán mẹ́ta mẹ́rin bọ àárín kóòlù-ópìn àti íńtírò láti sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Fíìmù tó gba wákàtí kan lè nílò ìyẹn. Ètò ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò nílò rẹ̀, oúnjẹ ò pọ̀ débi tí a ó fi máa tọ́ ọ wò.

Nítorí pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ètò yín, ọ̀fìn kan wà níwájú tí ẹ kò tíì rí. Tí kóòlù-ópìn kan bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ á máa yún yín láti tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì: ohun kan ń sún, ohùn jẹ́jẹ́, ó dúdú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa fò ó. Ó ti di íńtírò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ń ṣe iṣu, ẹ fi ohùn awakọ̀ tó ń jà lórí owó ẹrù bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ẹ fi nǹkan tó bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan kò bá sì ní ohun tó ya yín lẹ́nu, ẹ fi íńtírò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ wọnú ọ̀rọ̀. Èyí tí a fi ipá ṣe burú ju àìṣe lọ.

Bí o ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ wà nínú YouTube Studio yẹn náà, ṣùgbọ́n má wo iye tó kù ní 0:30 nìkan. Wo bí ìlà náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Díẹ̀ máa ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò gbogbo, ìyẹn kò ní kí o má sùn. Bó bá já wálẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí àmì yín ti yọ, íńtírò ló gùn. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kóòlù-ópìn kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá dúró dáadáa tó wá já lẹ́yìn ìkíni, okùn ló já níbẹ̀. Bó bá sì ga sókè lójijì ní ìṣẹ́jú keje, má yọ̀ jù: àwọn kan lè ti fo gbogbo ohun tó wà láàárín láti lọ gbé ìdáhùn, ìyẹn sì ń sọ fún ọ pé o fi ìdáhùn pamọ́ pẹ́ jù. Fi ètò mẹ́ta mẹ́rin wé ara wọn kí o tó dájọ́, nítorí pé ètò kan lè ṣubú nítorí àkọlé tàbí àwòrán ìta rẹ̀.

Òkúta yẹn ni kí o lọ tún yà. Èyí tó wà nínú fídíò rẹ kéré jù, láti òkè lo sì ti yà á. Gbé fóònù kalẹ̀ sórí bíríkì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tẹ̀ ẹ́, kí o sì jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá á sọ fún ọ pé òkúta kì í sún ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kọ̀ bá kọjá. Ìgbà tí ahunṣọ bá ká èyí tó ti hun sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ló máa ń sún.